Bí oníyán kan ní Kàbà ṣe rí ẹ̀dà Yorùbá fún "Pound for pound"

Ilé oúnjẹ náà wà létí ọ̀nà tó jáde ní Kàbà lọ sí Ọbájànà. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì máa ń dúró níbẹ̀, àwọn tó ń ti Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ bọ̀ náà máa ń yà. Iyán ni wọ́n mọ ìyá tó ni ibẹ̀ mọ́. Kì í fi ẹ̀rọ gún un. Odó àti ọmọ odó ló ń lò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sì ń bá a gún un láti àárọ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Abùjá ló ń bójú tó ojú ìwé wọn lórí Instagram. Nígbà tó wálé fún ọdún Àjíǹde, ó ya àwòrán kan. Ọ̀dọ́kùnrin méjì dojú kọ ara wọn lẹ́nu odó kan, ọmọ odó ti ọ̀kan wà lókè, ti èkejì ti wọ inú iyán, oru iṣu gbígbóná sì ń rú láàárín wọn. Ìyá dúró lẹ́yìn wọn, ó gbé abọ́ dání, ó tẹjú mọ́ inú odó bí ẹni tí kò ní gbà kí kókó kan ṣẹ́ kù. Àwòrán tó dára ni. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí:

"Pound for pound, the best in Kabba."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Abùjá rẹ́rìn-ín gan-an. Nígbà tí ìyá rí i pé àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ àwòrán òun, ó béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọmọ ṣàlàyé títí, ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kọ ọ́ ní Yorùbá kí àwa náà rẹ́rìn-ín." Iṣẹ́ tó délẹ̀ nìyẹn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mo fi ń jẹun, ìyá yìí sì mọ àwọn ẹbí mi ní Ìyàrà, ni ọmọ bá pè mí lórí fóònù.

Wọ́n ti gbìyànjú nǹkan méjì kí wọ́n tó pè mí, méjèèjì ló sì yẹ ká yẹ̀ wò, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà ni wọ́n gbà. Àbúrò ọmọ náà ló kọ́kọ́ gbé e sórí WhatsApp rẹ̀ báyìí: "Pọ́n-ùn sí pọ́n-ùn, tiwa ló dára jù ní Kàbà." Oníbàárà kan fèsì pé, "Ṣé pọ́n-ùn lẹ ti ń gbà báyìí ni? Náírà lówó tiwa o." Ẹ ò lè bá a wí. Kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 tí náírà dé, pọ́n-ùn ni owó wa, títí dòní sì ni wọ́n ń fi pe owó ìlú òyìnbó. Etí Yorùbá tó bá gbọ́ pọ́n-ùn, owó ló máa lọ bá tààrà. Kò sí ibi tí pọ́n-ùn ti kan odó.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé, "Iyán wa ló dára jù ní Kàbà." Èyí tọ́, kò sí ẹni tí kò ní yé. Ṣùgbọ́n àwàdà ti kú sínú rẹ̀, ohun tó sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àwàdà kú ni ìfọ́nnu lásán. Àwọn mìíràn tún wà tó ń ta iyán lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀fẹ̀ ló gbé ìfọ́nnu náà, kò sí ẹni tó máa bínú sí ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ní Yorùbá gbọnrangandan báyìí, ó di pé ẹnì kan ń sọ fún gbogbo ayé pé iyán aládùúgbò òun kò dára. Ìyá ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà palẹ̀. Ìtumọ̀ méjì ló wọ ẹ̀wù kan níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gígún, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún fífi ọmọ odó gún nǹkan. Èkejì ni òṣùwọ̀n, ìwọ̀n tó tó nǹkan bíi gíráàmù 454. Òṣùwọ̀n yìí ni gbólóhùn "pound for pound" dúró lé, inú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló sì ti gbajúmọ̀. Àwọn akànṣẹ́ kì í bá ẹni tó wúwo jù wọ́n lọ jà, ìpele ìpele ni wọ́n ń pín wọn sí. Nítorí náà, tí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jà jù láìka bó ṣe sanra tó sí, wọ́n á ní ká gbà pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, ta ló máa borí? Gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ èyí nìyẹn. Ìyìn ni, ó sì ní ìfiwéra nínú.

Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè pé èwo nínú ìtumọ̀ méjèèjì ló wà nínú àwòrán. Ìbéèrè yìí ni mo gbára lé jù nínú irú iṣẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kì í dá rìn. Àwòrán ti sọ apá kan fún ẹni tó ń wò ó kó tó kàwé rárá, ọ̀rọ̀ á wá fi apá kejì kún un, ibi tí méjèèjì ti pàdé lẹ̀rín ti ń bú. Gígún ló wà nínú àwòrán yìí. Kò sí òṣùwọ̀n níbẹ̀, kò sí akànṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń wọn iyán kó tó bù ú. Nítorí náà òṣùwọ̀n lè lọ, kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ lọ ni pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ gígún gbọ́dọ̀ tún máa yin iyán náà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni mò ń wá, mi ò sì wò ó nídìí "pound" mọ́. Ìdí odó ni mo lọ jókòó sí: iyán, iṣu, odó, ọmọ odó, kókó, gún.

Iyán ló kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, torí iyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá jẹ iyán wa kì í jiyàn." Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Yíyí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ tó jọra báyìí wà nínú ewì wa àti nínú orin wa, etí Yorùbá sì máa ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ló gbé e ró pátápátá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní kí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń tẹ ọ̀rọ̀, kó fi han àwọn tó wà ní ilé oúnjẹ. Ohun tó jáde ni "Eni to ba je iyan wa ki i jiyan." Obìnrin kan tó wá ra oúnjẹ kà á sókè, ó dé "iyan wa", ó sì dúró. "Ìyàn wá kẹ̀?" Ẹ wo bí ebi ṣe wọ ilé oníyán! Láìsí àmì, iyán, iyàn àti ìyàn kò yàtọ̀ síra lójú, èyí tó burú jù nínú wọn ni kò sì yẹ kó sún mọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn pamọ́ de ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ polówó lórí rédíò, níbi tí ẹnu á ti gbé ohùn rẹ̀ jáde bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mú òwe wá: iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Òwe ńlá ni, ó sì dárúkọ iyán. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tí òwe náà ń ṣe láàárín wa. Tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá tún jáde tó sì ń dunni bíi tàná, ìgbà yẹn là ń pa á. Ó ń rán ènìyàn létí ìjà tí kò tíì parí. Tí ẹ bá sì mú un bó ṣe rí lẹ́nu, iyán tó ti pé ogún ọdún lẹ̀ ń tà fún oníbàárà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà, mo sì ṣàlàyé. Ẹlòmíràn mú odó àti òdo wá, a ò pẹ́ lórí ìyẹn.

Inú gún ni mo ti rí i. À ń gún iyán. Iyán tí kò ní kókó, a máa ń sọ pé ó gún. Aṣọ tí télọ̀ rán tó bá ara mu, ó gún régé. Iṣẹ́ tí wọ́n parí tí kò ní àbùkù, ó gún régé. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí a ní láti tẹ̀ tàbí gbé sókè kó tó wọlé. "A gún un, ó gún régé." Àwòrán ń ṣe apá àkọ́kọ́, ìyá tó ń wo inú odó lẹ́yìn ń ṣe apá kejì. Mo sì tún yẹ ọ̀nà ìkọ rẹ̀ láìsí àmì wò: "A gun un, o gun rege." Lóòótọ́, gun láìsí àmì lè jẹ́ gígùn, ó sì lè jẹ́ gígun ẹṣin. Ṣùgbọ́n odó àti ọmọ odó ti wà lójú àwòrán, rege sì ti so gun kejì mọ́lẹ̀, torí kò sí gùn tó ń bá régé rìn. Ẹni tó bá ṣi àkọ́kọ́ kà, èkejì á dá a padà.

Mi ò tíì jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde. Ó ṣì ku Kàbà. Gẹ̀ẹ́sì ní "in Kabba", ó sì yẹ kí ìlú wà níbẹ̀, nítorí àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn kọjá ni ìyá fẹ́ kó mọ ibi tó wà. Tí mo bá ki Kàbà bọ àárín rẹ̀, "A gún un ní Kàbà, ó gún régé", ọ̀rọ̀ náà gùn sí i, gún méjèèjì sì jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ìsúnmọ́ra wọn ló dùn létí. Ibẹ̀ ni okun ti wọlé. Ẹni tó bá ti gba agbègbè wa kọjá ti gbọ́ "Okun o!" A fi ń kíni, a fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a sì ń fi bá ẹni tí nǹkan ṣe kẹ́dùn. Láti inú ìkíni yẹn ni wọ́n ti ń pe gbogbo wa ní Okun: Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹ tún wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin inú àwòrán náà. Kí ni wọ́n fi ń gún iyán bí kò ṣe okun?

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni "Okun la fi gún un, ó gún régé." Nígbà tí mo kà á létí ara mi, mo rí i pé "la fi" ti pa ìtumọ̀ kan. Ohun tí a fi ṣe nǹkan ni "la fi" máa ń tọ́ka sí, nítorí náà agbára nìkan ló gbọ́. Kò sí ẹni tó ń fi ènìyàn gún iyán. Mo yí i sí "ló": "Okun ló gún un, ó gún régé." Báyìí, agbára lè jẹ́ ẹni tó gún un, àwa Okun náà sì lè jẹ́ ẹni tó gún un, bí ènìyàn ṣe ń sọ pé Ìjẹ̀bú ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló yí, ìlú sì wọlé láìjẹ́ pé a pe orúkọ Kàbà.

Mo ní kí ọmọ náà gbé e lọ bá àwọn tí kò tíì rí ti Gẹ̀ẹ́sì. Òfin kan ni mo fún un: kó fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ hàn wọ́n papọ̀, kó má sì ṣàlàyé ohunkóhun. Tí ẹ̀rín bá wá kí ìbéèrè tó wá, ó ti dé. Tí ìbéèrè bá kọ́kọ́ wá, ká padà sídìí odó. Télọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ti kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi wọnú odó!" Awakọ̀ kan láti Ọ̀wọ́rọ̀ gbọ́ okun, ó ní "Okun o" padà sí ẹni tó ń kà á fún un. Ìyá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n tún un kà.

Ibi tí kò ti yọrí pátápátá ni Èkó. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà kan níbẹ̀ béèrè bóyá létí òkun ni wọ́n ti ń gún un. Kò mọ àwọn Okun, kò sì wo ohùn. Nínú ìwé tó ní àmì, okun tí kò ní àmì kankan kò lè jẹ́ òkun, kò sì lè jẹ́ okùn tí a fi ń di ẹrù. Ẹni tó ń kàwé kíákíá kì í rò ó bẹ́ẹ̀. Mo bi ara mi bóyá ó yẹ ká yọ okun kúrò nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ oníyán Kàbà kọ́kọ́ yé ará Èkó kó tó yé ará Kàbà. Ó ṣe tán, ẹni tí okun kò bá yé ṣì ní gún méjèèjì níwájú rẹ̀, ó ṣì máa rí ẹ̀rín tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ náà ní ìbéèrè kan tó tọ́. "Bùọ̀dá, ibi tí mo ti ní tiwa ló dára jù dà?" Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì fi iyán wọn wé ti ẹlòmíràn, tiwa kò fi í wé ti ẹnikẹ́ni, ó kàn ní ó gún régé ni. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Mo lè wá "kò lẹ́gbẹ́" mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyá ti yọ ìfọ́nnu kan kúrò tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn aládùúgbò rẹ̀, mi ò ní bá a dá a padà láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyìn dúró, ìfiwéra lọ. Ìyá fọwọ́ sí i, ọmọ náà sì gbà.

Nípa títẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà rọrùn ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lórí, bíi ẹ́ àti ọ̀, kò ní àyè kan ṣoṣo nínú ètò Unicode, àmì ohùn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣí kúrò nípò lórí àwọn fóònù kan. "Okun ló gún un, ó gún régé" kò ní ẹyọ kan nínú irú wọn. Àwọn ó, ú àti é tó wà níbẹ̀ wà lórí fóònù tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, èèyàn á kàn tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀. Mi ò torí èyí yàn án, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, inú mi dùn, torí ó túmọ̀ sí pé ọmọ náà kò ní í ní ìdí láti gbé e jáde láìsí àmì.

A fi gbólóhùn náà sí ìlà àkọ́kọ́. Instagram gba tó lẹ́tà 2,200 lábẹ́ àwòrán, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń fi hàn, ìyókù á wà lẹ́yìn ibi tí èèyàn máa tẹ̀. Àwàdà tó bá há sẹ́yìn àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, kò sẹ́ni tó máa bá a níbẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n má ṣe kọ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá sábẹ́ àwòrán kan náà. Tí méjèèjì bá wà lórí ara wọn, ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wéra, á máa wá pọ́n-ùn kiri nínú gún, á sì ní ìtumọ̀ náà kò péye. Nítorí náà, ti Yorùbá jáde lọ́jọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán mìíràn tí wọ́n yà níbi odó kan náà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ìyá débi pé ó ní kí wọ́n kùn ún sára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n dúró ná. Pátákó kò ní àwòrán. Ẹni tó bá ti inú ọkọ̀ ka "Okun ló gún un", kò ní mọ ohun tí wọ́n gún, ìgbà tó bá fi máa rò ó, ọkọ̀ ti kọjá. Fún pátákó, a fi iyán sípò "un": "Okun ló gún iyán wa, ó gún régé." Ẹ̀rín rẹ̀ dínkù díẹ̀, torí a ti sọ ohun tí àwòrán ìbá sọ, ṣùgbọ́n awakọ̀ á mọ̀ pé iyán ló wà níbẹ̀. Akunlé náà ní kí n bá òun kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ kí òun tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo sì kọ ọ́ fún un.